Ìmọ̀ràn: kí ni kí n ṣe nígbà tí ìpàdánù bá ń tẹ̀lé ara wọn nínú ṣẹ́ẹ̀sì orí ẹ̀rọ?

Alákàn kọ pé:
Ẹ kú ilé o. Ní alẹ́ Sátidé, mo pàdánù ayò 9 léraléra lórí Lichess, oníṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, pọ́ìntì mi sì já láti 1612 sí 1556. Láti nǹkan bí ayò kẹrin ni inú ti ń bí mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ burúkú ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ó sì kù díẹ̀ kí n pa àkáǹtì mi rẹ́. Mi ò fẹ́ fi eré yìí sílẹ̀. Kí ni ẹ̀yin máa ń ṣe?

Ọmọ Ẹ̀gbá fèsì pé:
Alákàn, má dáwọ́ dúró rárá. Bí pọ́ìntì rẹ bá ti wálẹ̀, àwọn tí ọwọ́ wọn kò le tó tìrẹ ni ẹ̀rọ yóò máa fún ọ bá ta. Ẹni tó jẹ́ 1612 ní tòótọ́, tí ó ń bá ẹni 1556 ta, yóò pa á ju bí ẹni náà yóò ṣe pa òun lọ. Pọ́ìntì náà yóò padà fúnra rẹ̀. Bí èmi náà ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Tíṣà Ọlọ́ṣẹ́ẹ̀sì fèsì pé:
Ọmọ Ẹ̀gbá kò parọ́ nípa ìṣirò náà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó fò dá. Ẹni tó jẹ́ 1612 ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, kọ́ ni ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ní aago méjìlá òru lẹ́yìn ìpàdánù mẹ́fà. Bí ọwọ́ rẹ bá ti di ti ẹni 1450 ní òru yẹn, ibi tí ẹ̀rọ yóò máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí náà nìyẹn, kò sì ní mọ̀ pé ìbínú ló fà á.

Alákàn, kí n tó fún ọ ní ìmọ̀ràn kankan, jọ̀ọ́, ṣí àwọn ayò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán náà, má tíì wo bí o ṣe ta wọ́n. Aago nìkan ni kí o wò: ìṣẹ́jú mélòó ló kù fún ọ nígbà tí o pàdánù ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn?

Ìyá Ìbejì fèsì pé:
Ọmọ mi, owó mélòó ló bá a lọ? Àbúrò mi kan bẹ̀rẹ̀ báyìí pẹ̀lú tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ó ní òun fẹ́ gba ohun tí òun pàdánù padà, ó sì fi owó iléèwé ọmọ sí i. Ẹni tó ń lé owó kiri kì í mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dúró.

Alákàn fèsì pé:
Ẹ ṣeun, Mà. Kò sí owó níbẹ̀ rárá, pọ́ìntì lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lílé kiri tí ẹ sọ yẹn, èmi gan-an ni ẹ ń bá wí.

Tíṣà, mo ti wò ó. Nínú ayò àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú-àáyá 11 ló kù fún mi. Nínú èkejì, 24. Nínú ẹ̀kẹta, aago mi ló tán. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀keje, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí mo gbé ayaba mi lé ibi tí bíṣọ́ọ̀bù ti lè jẹ ẹ́. Nínú ẹ̀kẹsàn-án, ó ju ìṣẹ́jú 4 lọ. Ojú tì mí láti kọ ọ́.

Tíṣà Ọlọ́ṣẹ́ẹ̀sì fèsì pé:
Má jẹ́ kí ojú tì ọ́, ìdáhùn tí mo ń wá nìyẹn. Oríṣi ìpàdánù méjì ló wà nínú alẹ́ ọjọ́ kan yẹn. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ìjà gidi: o ronú títí aago fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹni kejì sì borí. Bí ènìyàn 100 bá ta ayò 100 ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn gan-an, nǹkan bí 80 nínú wọn ni yóò pàdánù márùn-ún léraléra nígbà kan, láìsí pé wọ́n ṣe àṣìṣe tó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀lé ara wọn kì í ṣe ẹ̀rí pé ohunkóhun bàjẹ́. Láti ẹ̀keje ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, nítorí pé ẹni tó ní ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ́wọ́ tí ó sì fi ayaba ta ẹlòmíràn lọ́rẹ kò pàdánù nítorí ìmọ̀. Kò wo pátákó rárá ni.

Ohun tí mo máa ń ṣe kò pọ̀. Bí mo bá pàdánù méjì léraléra, mi ò ní tẹ «New opponent». Mo máa ń ṣí ayò tó kẹ́yìn, mo máa ń ní kí ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì máa ń tẹ «Learn from your mistakes», kí ẹ̀rọ fi ibi tí mo ti ṣìnà hàn mí kí n sì wá ọ̀nà tó dára jù fúnra mi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbọ̀n láti tẹ ayò tuntun yóò ti tutù. Bí mo bá pàdánù ẹ̀kẹta, tí aago mi sì ju ìdajì lọ nígbà náà, mo máa ń pa ẹ̀rọ náà títí di ọjọ́ kejì. Bí ẹ̀kẹta náà bá jẹ́ ìjà gidi, mo lè tẹ̀síwájú.

Ní ti ọ̀rọ̀ burúkú, pa «Chat room» kí o tó ta àkọ́kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí inú bá ti ń bí ọ. Kí o sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni yẹn.

Onísíkírábù fèsì pé:
Ẹ̀yin tó ń ta lórí ẹ̀rọ rí ààyè dìde. Ní ìdíje síkírábù tiwa, ayò mẹ́jọ lè wà lọ́jọ́ kan, kò sì sí ẹni tí yóò dúró dè ọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, alátakò mi to lẹ́tà méjèèje tán lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gba máàkì 50 lé e nígbà méjèèjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ lẹ́tà kí èmi náà lè rí irú rẹ̀, dípò kí n máa kó 20 àti 25 tó wà níwájú mi. Ayò tí ó yẹ kí n fi nǹkan bí 90 pàdánù, 190 ni mo fi pàdánù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ènìyàn méjì bá borí iye kan náà, àlàfo máàkì ni a fi ń mọ ẹni tó wà lókè. Ìyẹn ló lé mi kúrò nínú àwọn tó gba ẹ̀bùn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti mọ̀ pé ayò kan ti lọ, dídín àlàfo kù ni iṣẹ́ mi níbẹ̀. Ó ń fún ọpọlọ ní ohun tí yóò ṣe yàtọ̀ sí ìbínú. Láàárín ayò méjì, mo máa ń jáde lọ bọ́jú, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni bi mí bí ó ṣe rí.

Ọmọ Ẹ̀gbá fèsì pé:
Mo gbà pẹ̀lú Tíṣà lórí aago, èmi náà yóò yẹ tèmi wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó pa pọ́ìntì mọ́ pátápátá: ètò «Show player ratings» wà nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ, ẹ yí i sí «No». Ohun tí ojú kò bá rí, ọkàn kò ní lé e.

Tíṣà Ọlọ́ṣẹ́ẹ̀sì fèsì pé:
Ó ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Nígbà tí mo ṣe é, ṣe ni mo ń ṣírò rẹ̀ sórí, ó sì burú ju kí n rí i lọ. Kí ó dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Alákàn fèsì pé:
Mo ti kọ̀wé tọrọ gáfárà. Lálẹ́ àná mo ta mẹ́rin: mo borí ọ̀kan, mo pàdánù méjì, mo wo àṣìṣe kan (ẹṣin ni, mi ò rí i pé ó lè ta ọba àti rúùkù mi lẹ́ẹ̀kan náà), mo sì pàdánù ẹ̀kẹta pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 9 lórí aago. Gẹ́gẹ́ bí òfin Tíṣà, mo lè tẹ̀síwájú, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti ń yára jù lórí bọ́tìnnì. Mo pa á. Mi ò mọ̀ bóyá aago ni kí n gbàgbọ́ ni, tàbí ọwọ́ mi.