Ṣé ọ̀rọ̀ ṣókí òkè sífíì mi bá ohun tí wọ́n ń wá mu?

Ọmọ Ṣálẹ́ńjì: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Iléeṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kan ní Olúyọ̀lé ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú sítọ̀. Ohun tí mo kọ nìyí, mo ti yí i sí Yorùbá: "Òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, mo lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́, mo sì ń wá ibi tí màá ti lo ìmọ̀ mi." Mo ti fi ọdún 3 tọ́jú sítọ̀ oògùn ní Dùgbẹ̀. Ṣé ó dáa?

Àǹtí Bódìjà: Da ọ̀rọ̀ inú ìpolówó wọn kọ síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè jẹ́ ohun tó máa kọ́kọ́ kà á.

Ìyá Ìbejì: Èmi ńkọ́? Wọ́n ní ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kò gbọdọ̀ kọ̀wé. Ṣé kí n yọ ọjọ́ ìbí mi kúrò ni?

Ẹ̀gbọ́n Ìyágankú: Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí tiẹ̀. Ọmọ Ṣálẹ́ńjì, nínú ìpolówó yẹn, kí ló ṣáájú, kí ni wọ́n tún sọ, ibo ni wọ́n ti kọ "gbọ́dọ̀"?

Ọmọ Ṣálẹ́ńjì: Kí ọjà inú sítọ̀ bá iye inú ìwé mu ló ṣáájú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ mọ Excel. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé ọjà tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ pé ni kó kọ́kọ́ jáde. Bíbá awakọ̀ sọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ẹ̀gbọ́n Ìyágankú: Fi awakọ̀ sílẹ̀ fún ìsàlẹ̀ sífíì. Mú mẹ́ta tó kù, kí o fàlà sábẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti dáhùn wọn. Kò sí ìkankan. "Takuntakun" yẹn, télọ̀ náà lè kọ ọ́. Nígbà tí o ń ka ọjà ní Dùgbẹ̀, báwo ló ṣe rí?

Ọmọ Ṣálẹ́ńjì: Nígbà tí mo débẹ̀, ó tó 40 páálí tí kì í bá ìwé mu lóṣooṣù. Nígbà tí mo fi máa kúrò, kì í ju 3 lọ. Mo máa ń to oògùn gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Excel, ohun tó wọlé àti ohun tó jáde nìkan ni mo ń kọ sí i.

Ẹ̀gbọ́n Ìyágankú: Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń wá! Kọ ọ́ báyìí: "Mo tọ́jú sítọ̀ fún ọdún 3. Mo mú kí àìbáramu ọjà pẹ̀lú ìwé wálẹ̀ láti 40 páálí sí 3 lóṣù. Mo ń to ọjà kí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ pé kọ́kọ́ jáde, mo sì ń fi Excel kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde." Má kọ ọ́ pé o mọ Excel dunjú, wọ́n lè ní kí o jókòó síwájú rẹ̀. Àǹtí Bódìjà, apá kan ọ̀rọ̀ yín tọ́: ó dáa ká lo ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ níbi tí iṣẹ́ náà ti jẹ́ tiwa nìkan. Ẹni tó bá dà á kọ lásán, ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa páálí ló máa tú u fó.

Àǹtí Bódìjà: Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ pé sítọ̀ oògùn ni. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìyágankú: Èmi ò ní fi ṣáájú. Ẹni tó ń wá olùtọ́jú oúnjẹ adìyẹ lè rí "oògùn" kó ṣí i kọjá. Ó máa rí i lábẹ́ ibi tó ti ṣiṣẹ́.

Àǹtí Bódìjà: Lójú tèmi, oògùn gan-an ló fi hàn pé ó mọ ọjà tó ń bàjẹ́.

Ọmọ Ṣálẹ́ńjì: Ẹ ṣé o. Màá kọ ọ́ ní ọ̀nà méjèèjì, kí n fi han ọ̀gá mi àtijọ́ lónìí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má gbàgbé tèmi o.