"Àmì ìyọkúrò" tàbí "àmì ìdènà"? Orúkọ fún àmì méjì inú àpótí ìwákiri

Atúmọ̀ èdè kan, Mọ́lété:

Ẹ̀yin àgbà wa, mo ń kọ ìwé ìlànà kékeré fún àwọn oníṣòwò Ìbàdàn lórí bí wọ́n ṣe lè wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ni kí n pe àmì tí a fi ń ká ọ̀rọ̀ mọ́, àti ìlà kékeré tí a fi ń sọ pé a kò fẹ́ ọ̀rọ̀ kan? "Àmì àyọlò" àti "àmì ìyọkúrò" ni mo kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n "yọ" tó wà nínú méjèèjì ń da àwọn tó bá mi ka ìwé náà láàmú.

Bàbá Olùkọ́, Òkè-Àdó:

Ọmọ mi, má ṣe yí i padà. Àmì ìyọkúrò ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò títí mo fi fẹ̀yìntì, ẹni tó bá sì lè ka mẹ́tàdínlógún ti mọ̀ pé ẹẹ́ta ni a mú kúrò nínú ogún. Ohun kan náà ni ẹ̀rọ ìwákiri ń ṣe: ó ń mú ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ kúrò, ó sì ń fi ìyókù sílẹ̀. Ní ti àmì àyọlò, gbogbo ìbéèrè mi ni mo máa ń fi ká mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí Google lè mọ̀ pé ohun tí mo sọ gan-an ni mo ń fẹ́, kò sì tíì ṣẹlẹ̀ rí kí ó má fún mi ní èsì.

Ìyá Ìbejì, Gbági:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kò mọ ti orúkọ, ìlà kékeré yẹn gan-an ni mo bá ní ẹjọ́. Àwọn aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ ara wọn rẹ aṣọ sínú aró ni mò ń wá, kí a lè jọ máa pín iṣẹ́ tó bá pọ̀ jù fún mi. Aṣọ tí ilé-iṣẹ́ fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí ló kún inú èsì. Ọmọ mi ní kí n kọ ọ́ báyìí:

```
adire indigo -print
```

Aṣọ ẹ̀rọ dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkànnì ọ̀rẹ́ mi kan ní Abẹ́òkúta, tó máa ń wà lókè tẹ́lẹ̀, ti pòórá. Ṣé ó ti pa á tì ni, àbí fóònù mi ló ń ṣe wèrè?

Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé kan, Sámọ́ńdà:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà mà. Ó ṣeé ṣe kí fóònù yín má mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ ṣí ìkànnì ọ̀rẹ́ yín tààrà, láìgba inú àpótí ìwákiri, kí ẹ wò ó bóyá kò kọ ohun kan bíi `hand dyed, not print` síbẹ̀. Àwọn aláàdìrẹ tòótọ́ ló sábà máa ń fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ yangàn. Bí ó bá kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ ní ẹ kò fẹ́ ti wà lójú-ìwé rẹ̀ nìyẹn, àmì náà kò sì ní í béèrè ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Ibí ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ Bàbá. Bí a bá mú ẹẹ́ta kúrò nínú ogún, mẹ́tàdínlógún kù fún wa. Ìlà yìí kò mú ọ̀rọ̀ kankan kúrò nínú ojú-ìwé kí ó wá fún wa ní ìyókù. Gbogbo ojú-ìwé tó bá ní ọ̀rọ̀ náà, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré nísàlẹ̀ pátápátá, ló ń ti sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí mẹ́gáàdì tó rí ẹnì kan tí kò fẹ́ nínú bọ́ọ̀sì tó sì dá odindi bọ́ọ̀sì náà padà. Nítorí náà ni mo fi dábàá "àmì ìdènà". Ẹni tó bá gbọ́ "ìdènà" yóò bi ara rẹ̀ pé ta ni mo tún dènà mọ́ ọn, ìbéèrè tó sì yẹ kí ó bi ara rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí n bá kọ dípò tiyín, mà, ni èyí:

```
adire "hand dyed" -"digital print"
```

Àmì àyọlò àkọ́kọ́ ń sọ pé kí ọ̀rọ̀ méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn bí mo ṣe tò wọ́n. Ìdènà wá di ti àpólà ọ̀rọ̀ méjì tí a ká mọ́, kì í ṣe ti `print` nìkan, nítorí náà ẹni tó kọ `not print` lè wọlé. Bí a kò bá ká a mọ́, `-digital print` yóò dènà `digital` nìkan, yóò sì máa wá `print` tí ẹ ń sá fún. Ẹ má ṣe fi àlàfo sáàárín ìlà náà àti ohun tí ẹ ń dènà, ṣùgbọ́n ẹ fi àlàfo síwájú rẹ̀. Bí ẹ bá kọ `adire-print`, ọ̀rọ̀ kan tó ní ìlà láàárín ni ẹ̀rọ náà yóò kà á sí.

Àpólà tí a ká mọ́ náà ní tirẹ̀. Ẹni tó kọ `dyed by hand` kò ní í yọjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun kan náà ló ń sọ. Ẹni tó kọ `hand-dyed` yóò yọjú ní tirẹ̀, torí pé Google lè ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ sí àlàfo. Bí ẹ bá ṣí ojú-ìwé kan tí ẹ kò sì rí àpólà náà níbẹ̀, ó lè wà nínú àdírẹ́sì ìkànnì tàbí nínú ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn àwòrán, ó sì lè jẹ́ pé oníkànnì ti yí i padà lẹ́yìn tí Google kà á.

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, nígbà mìíràn tí ẹ bá ká odindi ìbéèrè mọ́, ẹ ka ìlà òkè kí ẹ tó ka èsì. Bí ẹ bá rí `No results found for`, Google kò rí ojú-ìwé kankan tó ní gbólóhùn yín. Èsì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ìwákiri tí Google ṣe lẹ́yìn tó ti bọ́ àmì yín dànù.

Bàbá Olùkọ́:

Mo ti wò ó, ìlà náà wà níbẹ̀, ojú mi kì í sì í dúró lókè. Ṣùgbọ́n èmi kò gba "ìdènà". Ohun tí ọlọ́pàá fi ń dí ọ̀nà ni ìdènà, ọmọ iléèwé yóò sì máa wá bọ́tìnnì kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kiri. Orúkọ àmì yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí a fi rán an.

Atúmọ̀ èdè, Mọ́lété:

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín lágbára. "Àmì ìyọkúrò" ni n ó pè é níbi tí mo bá ti ń sọ bọ́tìnnì tí a ó tẹ̀, n ó sì kọ "ìdènà" níbi tí mo bá ti ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣe sí èsì. Fún ti ìkejì, "ìdìpọ̀" ni mo fẹ́ kọ dípò "àyọlò", torí pé a kò yọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lò nínú àpótí ìwákiri.

Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé, Sámọ́ńdà:

Ìdìpọ̀ kò sọ pé ètò ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ̀ ètò gan-an ni àmì yẹn ń ṣọ́. Ẹ wo "àpólà atòléra" bóyá yóò bá a mu, bó tilẹ̀ gùn díẹ̀. Àbùkù tirẹ̀ ni pé a tún ń lo àmì náà fún ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, nígbà tí a kò bá fẹ́ kí Google fi ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ rọ́pò rẹ̀ tàbí kí ó fò ó. Ẹyọ kan kò sì ṣeé tò léra.

Ìyá Ìbejì:

Ó kọ `not print` síbẹ̀ lóòótọ́ o, ó sì ti padà wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, àdìrẹ "Ìbàdàn dùn" àtijọ́, èyí tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú, ni oníbàárà kan ń bèèrè. Mo ká a mọ́ bí ẹ ṣe wí, díẹ̀ ló jáde.

Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé, Sámọ́ńdà:

Àwọn kan ń kọ orúkọ náà pọ̀ mà. Ẹ wá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fi lẹ́tà ńlá kọ `OR`:

```
adire "ibadan dun" OR "ibadandun"
```