Fọ́tò kíláàsì nínú ìwé ìléwọ́ ilé-ìwé: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Ayafọ́tò Abẹ́òkúta: Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní kí n tún fọ́tò ìwé ìléwọ́ àwọn yà. Ti tẹ́lẹ̀ ní ilà dúdú gbọọrọ tó gba ojú àwọn ọmọ kọjá. Iná tíúbù ló fà á. Iná NEPA wa ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tíúbù sì ń mọ́lẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, ní ìgbà 100. Ojú kì í rí i, àmọ́ tí kámẹ́rà bá ṣí ojú fún 1/500 ìṣẹ́jú-àáyá péré, ilà á yọ. Ẹ mú un wá sí 1/100, ilà á lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ju ọwọ́ á di bàìbàì. Mo kúkú pa tíúbù, mo ní kí wọ́n sún bẹ́ǹṣì mọ́ fèrèsé. Tí tíúbù àti oòrùn bá jọ tàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kan á ní àwọ̀ ewé níhìn-ín, àwọ̀ tirẹ̀ gan-an lọ́hùn-ún.

Ìyá Ìbejì: Kámẹ́rà olówó ńlá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ jàre.

Ayafọ́tò Abẹ́òkúta: Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, mà. Àwọn tuntun kan máa ń dúró kí iná mọ́lẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó yà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ẹ má gbára lé e.

Bàbá Tọ́pẹ́: Ọmọ mi ń wọ JSS1. Ṣé fọ́tò onílẹ̀ pupa ni wọ́n ń gbà?

Tíṣà Pírámárì: Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ bi wọ́n ní ọ́fíìsì ilé-ìwé náà. Èmi, ti pátákó ni mo rí. Ẹni tó to ìwé ìléwọ́ wa yí fọ́tò kan padà bíi ti inú dígí, kí ọmọ lè kọjú sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Báàjì bọ́ sí àyà ọ̀tún, ìṣirò orí pátákó sì kọjú sẹ́yìn. Òbí kan ló fi ìka tọ́ka sí i níwájú pírínsípà! Látìgbà náà, lẹ́tà ni mo kọ́kọ́ ń wò: ara pátákó, ara báàgì, ara àtẹ ògiri. Mo sì tún ń wò bóyá iṣẹ́ pírámárì 5 ni wọ́n kọ síwájú ọmọ nọ́sìrì.

Ẹ̀rín tòótọ́, ẹ má sọ pé “ẹ rẹ́rìn-ín.” Mo máa ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ayafọ́tò jókòó sẹ́yìn, kó máa tẹ kámẹ́rà títí wọn ò fi ní yíjú sí i mọ́. Èyí tó kọ́kọ́ yà, ẹ jù ú nù.

Ìyá Ìbejì: Àwọn ọmọ mi ti kúrò ní ilé-ìwé kan, ojú wọn ṣì wà lórí ìwé ìléwọ́ ibẹ̀.

Tíṣà Pírámárì: Àwa máa ń gba ìbuwọ́lùwé òbí, mà. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ò sọ ìgbà tó máa parí.

Ìyá Ìbejì: Ta ni mo máa wá bá báyìí?