Báwo ni mo ṣe lè sọ pé ìparí ìwé kan kò tẹ́ mi lọ́rùn, láì tú àṣírí rẹ̀?

Àbíkẹ́: Ẹ kú ilé o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Àjà Ló Lẹrù tán, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Mo fẹ́ kọ èrò mi fún àwọn tí kò tíì kà á. Èdè rẹ̀ dùn mọ́ mi gan-an, àmọ́ ìparí rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, n kò sì ní purọ́. Mo kọ ọ́ báyìí: «Ìparí rẹ̀ yára jù, mo sì ti mọ ibi tó ń lọ láti ìdajì ìwé.» Ṣé mo ti sọ jù?

Làmídì: O ò sọ jù. Ìparí nìkan ni àṣírí, o ò sì sọ ọ́. Kàn fi kún un pé Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn náà, tún wà nínú Àgbàlagbà Akàn ti 1971, kí wọ́n lè ra méjèèjì.

Bàbá Tísà: Làmídì, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ pé Lápàdé wà nínú ìwé kejì ti mọ̀ pé ewu yòówù tó bá dé bá a nínú èyí, kò ní pa á. Ìbẹ̀rù ti lọ nìyẹn.
Àbíkẹ́, «yára jù» kò burú. «Láti ìdajì ìwé» ni kí o yọ. Bí òǹkàwé bá dé ìdajì, yóò dúró, yóò máa wá ohun tí ìwọ rí, kò ní jẹ́ kí ìtàn gbé òun lọ mọ́. Kọ ọ́ báyìí: «Níbẹ̀rẹ̀, ìtàn náà fara balẹ̀, ó jẹ́ kí àwọn èèyàn inú rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, n kò sì ráyè mí.» Lẹ́yìn náà, mú gbólóhùn kan láti orí kìíní, kí wọ́n fi tọ́ èdè tí o ń yìn wò. Má sì fi ìparí rẹ̀ wé ti ìwé mìíràn tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ìyẹn náà ń tú àṣírí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà ọmọ mi gé máàkì rẹ̀ nítorí kò sọ ìparí ìwé tí wọ́n kà. Èwo ni ká ṣe?

Bàbá Tísà: Ti ìdánwò yàtọ̀, ìyá. Tíṣà ti ka ìwé náà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ kà á ni. Kí ó sọ gbogbo rẹ̀.

Làmídì: Ẹ gbà fún mi o, bàbá, ìwé 1969 ni. Ta ni kò tíì gbọ́ nípa Lápàdé?

Bàbá Tísà: Àwọn ọmọ tó wà níbí, púpọ̀ nínú wọn.

Àbíkẹ́: Ẹ ṣé, bàbá. Mo ti yọ «láti ìdajì ìwé», mo sì ti rí gbólóhùn kan ní orí kìíní. Àmọ́ mo ṣì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìwé kejì wà, torí ó ṣòroó rí rà. Ṣé kí n dárúkọ ìwé náà láì dárúkọ Lápàdé?