Bàálù méjì, mọ́tò kan: níbo ni kí Màmá ti dúró?

Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Màmá mi ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní Sátidé, ọmọ aládùúgbò wa náà ń bọ̀ láti Dùbáì. Àwa méjèèjì jọ háyà Síẹ́nà kan láti Àkúrẹ́ lọ gbé wọn ní Ìkẹjà. Fúráìdé la ó ti lọ sùn sí Èkó (ta ló fẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó sí Orè lóru?). Bàálù Màmá á balẹ̀ ní aago 6:20 àárọ̀, ti ọmọ náà ní aago 8:00. Bíbalẹ̀ sì kọ́ ni jíjáde: àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà àti dídúró de ẹrù lè gbà ju wákàtí kan lọ.

Báàgì oníkílò 23 méjì-méjì ni wọ́n ń gbé. A ti ṣàdéhùn pé ọmọ náà ni yóò máa ti ẹrù Màmá, torí orúnkún ń dùn wọ́n. Ibẹ̀ ló ti dojú rú. Bí Màmá bá ti jáde, àwọn ẹ̀ṣọ́ ò ní jẹ́ kí wọ́n padà wọlé, awakọ̀ wa náà ò lè wọ ibi ẹrù, fóònù Màmá ò sì ní láìnì ilé.

Ṣé kí wọ́n jókòó síbi ẹrù de ọmọ náà, àbí kí wọ́n sanwó fún aláàárù, kí wọ́n máa bọ̀ níta?

Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.