Àbọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ tí mo fẹ́ fi ta aṣọ òfì lórí Instagram

Ìbéèrè tí mo bi yín: "Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ewapipe kò ní ìtumọ̀ burúkú lédè mìíràn?"

Ó ní in o. Ẹni tó ní kí n tẹ orúkọ náà sínú Wiktionary, ìwé atúmọ̀ èdè orí ayélujára, ló gbà mí. Odindi rẹ̀ kò mú nǹkan wá. Ìgbà tí mo já a sí méjì ni àṣírí tú. Lábẹ́ èdè Faransé, pipe jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń fa tábà, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ọmọ ìta, ohun tí tọkọtaya ń fi ẹnu ṣe ní kọ̀rọ̀ ni. Oníbàárà mi kan ní Kùtọnu bú sẹ́rìn-ín kó tó dáhùn. Ẹ̀rọ ìtúmọ̀ tẹ́ ẹ ní kí n lò kò rí èyí: ìtumọ̀ gidi nìkan ló gbé wá.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n fàmì sí i gbìyànjú, torí láìsí àmì, ẹ̀wà jíjẹ ni àwọn kan máa kà. Àmọ́ Instagram kì í gba àmì ohùn nínú orúkọ aṣàmúlò: lẹ́tà lásán, nọ́ńbà, àmì ìdánudúró àti ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ni.

Mo ti mú ofi_ilorin dípò rẹ̀. Ohun tí mo rí kò ju ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù OFI ní Gíríìsì lọ. Nupe àti Haúsá ló kù; àwọn aládùúgbò ní àwọn máa wò ó.