Mo fi Stop sí 45, wọ́n tà á ní 38!

Àbúrò Adó, Mansẹ́sítà: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o! Àwọn tí mo ń tọwọ́ wọn ra ìpín Amẹ́ríkà ti rẹ́ mi jẹ. Ogún ìpín ilé iṣẹ́ kan ni mo rà ní dọ́là 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi Stop sí 45, pé kí wọ́n bá mi tà á bó bá já débẹ̀, kó lè jẹ́ pé 100 dọ́là péré ló máa bọ́. Mo ṣí fóònù lónìí, wọ́n ti tà á ní 38. 240 dọ́là ti lọ! Níbo ni mo ti lè fẹjọ́ sùn?

Ìyá Ìbejì, Họ́sítìn: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ṣé ilé iṣẹ́ náà ò gbé èsì èrè àti àdánù oṣù mẹ́ta jáde lálẹ́ àná?

Àbúrò Adó: Wọ́n gbé e jáde, mà. Ọjà ti pa nígbà yẹn. 49 ló wà.

Ìyá Ìbejì: Kò sólè níbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ọjà máa fi ṣí ní 9:30 aago Niú Yọ́ọ̀kì, gbogbo ayé ti gbọ́ ìròyìn burúkú náà. 38 lẹni tó fẹ́ rà ń pè. Iye ti fo 45 kọjá, kò sẹ́ni tó dúró níbẹ̀. Ohun tí Stop rẹ sọ fún wọn ò ju pé "bó bá ti dé 45 tàbí tó já kọjá ẹ̀, ẹ bá mi tà á." Bó ṣe dé ibẹ̀ ló di Market, ìyẹn kí wọ́n tà á ní iyekíye tí wọ́n bá bá lọ́jà. Market kì í ná ọjà.

Bàbá Ìjerò, Tòróńtò: Ìdí tí mo fi ń pariwo Stop Limit nìyẹn. Fi Stop sí 45, fi Limit sí 44. Wọn ò ní lè tà á ju 44 wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá Ìbejì: Kò parí, Bàbá. Wọn ò ní tà á rárá ni! Ó ṣí ní 38, ọ́dà yín jókòó sí 44, ó ń retí oníbàárà tí ò bọ̀. Bó bá di 30 lọ́jọ́ kejì ńkọ́?

Bàbá Ìjerò: Á gòkè padà. Gbogbo tèmi tó já ní 2020, ó gòkè.

Ìyá Ìbejì: Ọjà lápapọ̀ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ẹyọ kan lè má gbérí mọ́. Àmọ́ òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yín: ní 24 Oṣù Kẹjọ 2015, ọ̀pọ̀ ìpín já lójijì bí ọjà ṣe ṣí, Stop ta tàwọn èèyàn ní iye ẹ̀gàn, ó sì gòkè padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ní 2016, NYSE, ọjà ìpín Niú Yọ́ọ̀kì, fúnra ẹ̀ ò gba Stop mọ́. Àwọn alágbàtà ló ń tọ́jú ẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Lọ́ńdọ̀n: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo tẹ Market, 12 dọ́là ni mo rí lójú fóònù. Mo gbàgbé pé ó di 2:30 ọ̀sán wa kí wọ́n tó ṣíjà. 14.60 ni wọ́n rà á fún mi!

Ìyá Ìbejì: Limit lo yẹ kó o lò. Bó o bá rán ọmọ lọ sí Ọjà Ọba l'Ádó, ṣé o ò ní sọ iye tí ò gbọ́dọ̀ kọjá fún un? Fi Limit sí 12.10: ó lè má bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbà ju 12.10 lọ́wọ́ ẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Limit ni kó fi máa ra ìpín, lẹ́yìn tí ọjà bá ti ṣí. Ìpín ńlá tí gbogbo èèyàn ń rà, tí iye àwọn tó ń rà àti tàwọn tó ń tà sún mọ́ra, Market ò lè pa á lára púpọ̀ níbẹ̀. Stop ní tiẹ̀ ò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ìròyìn òru. Ìpín díẹ̀ ni kó o mú dání bí èsì bá ń bọ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, àmọ́ ta ló ń ra iṣu l'Ádó? Ẹ wá sí Ìkẹ́rẹ́.

Àbúrò Adó: Ìkẹ́rẹ́ tí iyán ibẹ̀ kì í fà?

Bàbá Ìjerò: Iṣu gidi wà ní Tòróńtò níbí, ẹ dákẹ́.

Ìyá Ìbejì: Iṣu Tòróńtò! Èyí tí òtútù ti pa kó tó débẹ̀? Ẹ wá jẹ ti Họ́sítìn. Irọ́ ni ṣá. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìró odó. Ẹ̀rọ ni mo fi ń gún un, kò fà.

Àbúrò Adó: Ẹ jọ̀ọ́, 760 dọ́là tó kù ńkọ́? Ṣé kí n rà á padà?

Bàbá Ìjerò: Rà á.

Ìyá Ìbejì: Má rà á o!

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ta ló ń lọ sílé fún ọdún Ọlọ́sunta? Mo ní àpò kan tí mo fẹ́ fi rán an.